Òfò La Kọ́kọ́ Ń Wọ̀n

Ẹni tó bá jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń ra owó ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n sì ń tà á lórí fóònù, òwò tí wọ́n ń pè ní fọ́réèsì, á máa gbọ́ ìbéèrè kan léraléra: "Lọ́ọ̀tì mélòó lo fi wọlé?" Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ́kọ́ mú iye tí wọ́n fẹ́ rà, kí wọ́n tó wá máa wo ibi tí ọjà máa gbé wọn dé. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ń gbà á láti ẹ̀yìn wá. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ iye tí wọ́n gbà láti pàdánù bí ọjà bá dójú tì wọ́n, iye yẹn ni wọ́n á sì fi ṣírò bí ohun tí wọ́n máa rà ṣe máa pọ̀ tó.

Òfin wọn ò gùn. Òfò orí òwò kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ ju ìdá kan pàtó lọ nínú owó tó wà nínú àkáǹtì. Ẹlòmíì á mú ìdá 1 nínú 100, ẹlòmíì á mú 2. Ìdá yẹn kì í yẹ̀, iye dọ́là tó já sí ló ń yí padà: bí àkáǹtì bá sanra, á pọ̀ sí i, bí ó bá rù, á dínkù.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é lójú ara wa. Obìnrin kan ní 1,000 dọ́là nínú àkáǹtì, ìdá 1 nínú 100 ló sì mú. Òfò rẹ̀ lórí òwò kan kò gbọdọ̀ ju 10 dọ́là. Ó rí i pé yúrò fẹ́ gòkè lórí dọ́là, ó sì fẹ́ rà á ní 1.0850. Kó tó rà á, ó bi ara rẹ̀ pé: ibo ni iye yúrò máa já dé tí màá fi gbà pé mo ti ṣì í? Ó wo àtẹ, ó rí i pé láti bí ọjọ́ mélòó kan, gbogbo ìgbà tí yúrò bá ti já dé itòsí 1.0805 ló ń padà gòkè. Bó bá wá já kọjá ibẹ̀, èrò òun ti forí ṣánpọ́n nìyẹn. Ó fi àṣẹ ìjáde, èyí tí fóònù ń kọ ní `Stop Loss`, sí 1.0800.

Ìṣísẹ̀ láti 1.0850 sí 1.0851 ni wọ́n ń pè ní píìpù kan. Nítorí náà, 50 píìpù ló wà láàárín ibi tó ti fẹ́ wọlé àti ibi tó ti máa jáde. Lọ́ọ̀tì 0.01, tó kéré jù lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ alágbàtà, máa ń jẹ 10 sẹ́ǹtì lórí píìpù kọ̀ọ̀kan bó bá jẹ́ yúrò àti dọ́là. Ìlọ́po 50 rẹ̀ jẹ́ 5 dọ́là. Mẹ́wàá tó gbà láti pàdánù gba márùn-ún lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà 0.02 ló máa tẹ̀ sínú àpótí `Volume`. Ká ní 25 péré ni píìpù tó wà láàárín, ì bá ra 0.04. Ká ní 80 ni, ìṣirò á fún un ní 0.0125, 0.01 ló sì máa rà, torí ìsàlẹ̀ la máa ń gé e sí, a kì í gé e sí òkè.

Ẹ kíyè sí i pé 10 dọ́là yẹn kò yẹ̀ níbì kankan. Ọjà ló sọ bí ibi ìjáde ṣe jìnnà tó, ibi ìjáde ló sì sọ iye tó máa rà. Ibí gan-an ni mo ti ń rí àwọn tó ń ba òfin náà jẹ́ láì mọ̀. Wọ́n á fa ibi ìjáde súnmọ́ tòsí kí wọ́n lè ra lọ́ọ̀tì púpọ̀. Lórí ìwé, òfò wọn kò ju 10 dọ́là. Àmọ́ ọjà tó ń mì sókè mì sísàlẹ̀ ní 40 píìpù lójoojúmọ́ kò ní ṣàì tẹ àṣẹ ìjáde tó wà ní píìpù 8, àní bí èrò wọn tilẹ̀ tọ̀nà.

Àwọn kan wà ní ìlú Ṣikágò tí wọ́n fi ìmì ọjà yẹn gan-an ṣe òṣùwọ̀n. Ní 1983, Richard Dennis àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ William Eckhardt ń jiyàn bóyá a lè kọ́ ènìyàn ní òwò yìí bí a ṣe ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, wọ́n pè wọ́n ní Ìjàpá, wọ́n sì kọ́ wọn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní kí wọ́n máa ṣírò bí ọjà ṣe ń mì tó lójúmọ́, ní ìpíndọ́gba láàárín 20 ọjọ́, kí wọ́n pè é ní N. Iye tí wọ́n máa rà lẹ́ẹ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí N kan máa jẹ́ ìdá 1 nínú 100 àkáǹtì. Àṣẹ ìjáde wà ní N méjì, òfò wọn sì di ìdá 2. Ọjà tó ń fò bí ẹṣin, díẹ̀ ni wọ́n máa ń rà níbẹ̀. Èyí tó ń rọra rìn, wọ́n á rà á púpọ̀.

Ẹni tó bá ń béèrè ìdí tí ìdá náà fi gbọ́dọ̀ kéré, kí ó wo ohun tí òfò tó tẹ̀ léra ń ṣe. Kódà ẹni tó ń jèrè nínú ìdajì òwò rẹ̀, bó bá ṣe 500 òwò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé á pàdánù mẹ́fà léra níbì kan. Ká wá ní ó di mẹ́wàá. Ẹni tó ń fi ìdá 2 sílẹ̀ á ṣì ní bíi 817 nínú 1,000 rẹ̀, èrè ìdá 22 sì máa fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a padà síbi tó wà. Ẹni tó ń fi ìdá 10 sílẹ̀ kù sí 349, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta kó tó dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó dùn mí láti sọ èyí, torí àkáǹtì kékeré ló pọ̀ jù láàárín wa: 100 dọ́là kò lè pa òfin yìí mọ́ lórí òwò obìnrin yẹn. Ìdá 1 rẹ̀ jẹ́ dọ́là kan, lọ́ọ̀tì tó kéré jù sì máa ná an ní 5. Ìdá 5 nìyẹn, kì í ṣe 1. Àwọn alágbàtà kan ní àkáǹtì tí wọ́n ń fi sẹ́ǹtì kà, tí lọ́ọ̀tì rẹ̀ kéré ju tiwa yìí lọ. Bí èyí kò bá sí, kí ènìyàn fi òwò náà sílẹ̀.

Ohun míì tó ń tan ènìyàn ni òwò méjì tó jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹni tó ra yúrò lórí dọ́là, tó tún ra pọ́n-ùn lórí dọ́là, dọ́là ló ń bá jà lẹ́ẹ̀mejì. Bí dọ́là bá gbéra lójijì, méjèèjì á jọ já ni. Kí ó pín ìdá rẹ̀ sórí méjèèjì. Bí òwò bá sì wà ní ṣíṣí, nọ́ńbà `Equity` ni kí ó fi ṣírò, kì í ṣe `Balance`, torí `Balance` kò tíì ka òfò tí àwọn òwò tó ṣì wà ní ṣíṣí ti ní.

Ibi kan sì wà tí agbára òfin yìí pin sí. Àṣẹ ìjáde kò ju ìbéèrè lọ: ó ń ní kí wọ́n tà á fún ẹni tó bá wà níbẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ rà, iye tó bá wà nísàlẹ̀ ni wọ́n máa tà á. Ní 15 Oṣù Kìn-ín-ní 2015, báńkì àgbà ilẹ̀ Switzerland kéde pé òun kò ní dá yúrò dúró mọ́ ní 1.20 lórí fáráǹkì wọn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, yúrò já kọjá 1.00. Ká ní ẹnì kan rà á ní 1.2010, tó fi ibi ìjáde sí 1.1960, tí wọ́n wá rí i tà ní 1.0000. Òfò 50 píìpù ló fọkàn sí. 2,010 ló jẹ. Ẹni tó fi ìdá 1 sílẹ̀ pàdánù bí ìdá 40 àkáǹtì rẹ̀, ó sì ṣẹ́ ku. Ẹni tó fi ìdá 5 sílẹ̀ pàdánù gbogbo rẹ̀, ó sì tún jẹ alágbàtà ní gbèsè iye kan náà. Irú gbèsè bẹ́ẹ̀, tí àwọn oníbàárà kò rí san, ló kó bá ilé iṣẹ́ alágbàtà Alpari ní Lọ́ńdọ̀nù, tó fi kéde lọ́jọ́ kejì pé òun ti wọko gbèsè.