Fótò Kan Ṣoṣo, Orí Tó Ń Yí

Lọ́dún 2020, David France gbé fíìmù *Welcome to Chechnya* jáde. Ìtàn àwọn tó ń sá kúrò ní Chechnya, lórílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà, ni. Wọ́n ń fìyà jẹ wọ́n níbẹ̀ torí pé ọkùnrin ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin ń fẹ́ obìnrin. Bí ẹnikẹ́ni bá dá wọn mọ̀, ẹ̀mí wọn lè lọ sí i. Nítorí náà, Ryan Laney àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi kọ̀ǹpútà gbé ojú ẹlòmíràn wọ̀ wọ́n, ojú àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ tí wọ́n yọ̀ǹda tiwọn tinútinú. Àwọn olùyọ̀ǹda yìí kò kàn fi fótò kan ránṣẹ́. Ńṣe ni wọ́n jókòó sáàárín ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó ń yà wọ́n láti onírúurú ìhà. Bí ẹni inú fíìmù bá wá yíjú sí fèrèsé ọkọ̀, ojú tó yẹ ìyíjú náà ti wà nílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń pààrọ̀ ojú nínú fídíò lónìí kò ní irú ànfààní bẹ́ẹ̀. Fótò kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ wọn, bóyá ti pásípọ́ọ̀tù, tí ẹni náà wo kámẹ́rà gangan. Irú fótò yìí máa ń fi bí ojú ṣe jìnnà síra àti bí ẹnu ṣe fẹ̀ tó hàn dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè sọ bí imú ṣe yọ síwájú tó, bí iwájú orí ṣe tẹ̀ sẹ́yìn, tàbí bí egungun àgbọ̀n ṣe rìn dé ìdí etí. Ẹni tó dúró níwájú ilé kò lè ka iye yàrá tó wà lẹ́yìn.

Kọ̀ǹpútà máa ń méfò ohun tí kò rí. Lọ́dún 1999, Volker Blanz àti Thomas Vetter fi ẹ̀rọ wọn orí igba ènìyàn, wọ́n sì fi ìwọ̀n wọn kọ́ kọ̀ǹpútà láti mọ orí odidi láti ara fótò kan. Ohun tí kò bá sí nínú fótò, inú àwọn orí tó ti rí tẹ́lẹ̀ ló ti ń mú un. Ó lè jọ èèyàn gidi, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé imú náà jẹ́ ti ẹni inú fótò.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù nísinsìnyí kò kọ́ orí rárá. Ètò bíi ArcFace máa ń sọ fótò náà di nọ́ńbà 512 tó dúró fún ìrísí ẹni náà. Ètò mìíràn, irú bíi `inswapper_128`, á wá fi àwọn nọ́ńbà yìí tún ojú inú fídíò kùn. Bí orí ṣe dúró àti ìmọ́lẹ̀ tó wà lára rẹ̀, ti ẹni inú fídíò ló ń jẹ́. Ibí ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ìlà ẹ̀gbẹ́ ojú náà máa ń jẹ́ ti ẹni inú fídíò.

Ká mú fídíò kékeré kan tí òṣèré ti ń yí orí láti iwájú dé ẹ̀gbẹ́. Títí dé nǹkan bí ọgbọ̀n dígírì, iṣẹ́ náà sábà máa ń dára. Tí orí bá yí débi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ń fara pamọ́, ẹ wo ojú tó jìnnà sí kámẹ́rà: ó lè fẹ̀ jù, tàbí kí ìpéǹpéjú rẹ̀ wọnú ẹ̀bátí. Tó bá kọjá ọgọ́ta dígírì, ẹ̀rọ tó ń wá ojú, ẹnu àti àgbọ̀n kò rí ìdajì ohun tó ń wá mọ́. Ojú tuntun á máa hàn, á máa pòórá láti férémù dé férémù. Ní ẹ̀gbẹ́ gangan, ẹni tó mọ òṣèré náà yóò dá a mọ̀ láti ara imú rẹ̀.

Fífi ojú kan náà hàn bíi ti inú dígí kò ràn án lọ́wọ́, torí pé iwájú náà ló tún padà di. Fótò kejì tí a yà láti ìhà ẹ̀gbẹ́ wúlò ju mẹ́wàá tó kọjú síwájú lọ, nínú ètò tó bá mọ̀ ọ́n lò. Bí kò bá sí, ohun tó dára jù ni kí wọ́n wá òṣèré tí imú àti àgbọ̀n rẹ̀ jọ ti ẹni inú fótò tí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Mo ka èyí sí ju àtúnṣe èyíkéyìí lọ, torí pé ìlà ẹ̀gbẹ́ tó bá ti jọra kò fún kọ̀ǹpútà ní nǹkan púpọ̀ láti méfò. Lẹ́yìn ìyẹn, olóòtú lè gé àwòrán náà kí orí tó yí tán, tàbí kó fi ọwọ́ kun férémù tó bàjẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìdí kan náà ló fi dára kí ẹni tó bá fura sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fídíò ní kó yí orí dé ẹ̀gbẹ́ gangan, kó sì fọwọ́ kan imú. Etí tó ń pòórá tàbí àgbọ̀n tó ń gbọ̀n jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára. Bí kò bá sí nǹkan tó bàjẹ́, ìyẹn kò wẹ̀ ẹ́ mọ́, torí pé ẹni tó bá ní fótò ẹ̀gbẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ lè kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ láti yí orí náà láìsí àbùkù.