Má Tàbí Máa? Ìdí Tó Fi Yẹ Ká Tún Ọ̀rọ̀ Ìsàlẹ̀ Fídíò Yẹ̀ Wò

Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa ṣe fídíò ìṣẹ́jú 18 nípa oògùn ìrora. Ó ní kí n bá òun fi ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí àwọn tí etí wọn kò gbọ́ràn dáadáa lè máa kà á. Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ kọ ọ́, mo wá jókòó tì í. Nígbà tí mo dé ìṣẹ́jú kẹfà, àyà mi já:

```
47
00:06:12,400 --> 00:06:15,900
e maa lo ogun yii ti e ko ba tii jeun
```

Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ ni pé kí èèyàn má lo oògùn náà bí kò bá tíì jẹun, nítorí ó lè pa inú lára. Ẹ̀rọ sọ "má" di "máa", ìkìlọ̀ sì di àṣẹ.

Bí fáìlì sọbutáítù ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ lásán ni, kò ní àwòrán nínú. Nọ́ńbà ló kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà ni àkókò tí gbólóhùn yóò yọ àti èyí tí yóò kúrò, lẹ́yìn náà ni gbólóhùn fúnra rẹ̀. Ìlà òfìfo ló ń pín ọ̀kan níyà sí èkejì. Àkókò inú àpẹẹrẹ yìí túmọ̀ sí wákàtí òdo, ìṣẹ́jú 6, ìṣẹ́jú àáyá 12, àti ìdá 400 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú fáìlì `.srt`, kọ́mà ló máa ń ṣáájú nọ́ńbà mẹ́ta ìparí yẹn. Nínú `.vtt`, àmì ìdánudúró ni.

Nítorí pé ọ̀rọ̀ lásán ni, èèyàn lè wá nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ tẹ `Ctrl+F`, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá, àkókò tí wọ́n sọ ọ́ yóò wà lókè rẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àwòrán fídíò kò ṣeé wá báyìí.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá kọ nìkan lèèyàn lè rí. Mo wá "oògùn" nínú fáìlì tí ẹ̀rọ ṣe, kò sí ẹyọ kan. Mo wá "ogun", mẹ́sàn-án ló jáde: méje jẹ́ oògùn, méjì sì jẹ́ ogún, iye ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì dárúkọ. Ẹni tí kò gbọ́ fídíò náà lè rò pé ìtàn ogun ni wọ́n ń sọ.

Kí ló dé tí ẹ̀rọ fi ń ṣe báyìí? Ìró ló ń gbọ́, ó wá ń yan ọ̀rọ̀ tó ti bá pàdé jù tó jọ ìró náà. Yorùbá tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ lórí fóònù kì í ní àmì, irú ẹ̀ sì ni ẹ̀rọ fi kọ́ iṣẹ́. Ní ti "má" àti "máa", gígùn fáwẹ̀lì àti ìparí ohùn ló yà wọ́n. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá yára, tàbí tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn, ìyàtọ̀ yẹn á sọnù. Èyí tó burú jù ni pé bákan náà ni ìlà tó ṣì àti èyí tó tọ́ máa ń rí lójú.

Nítorí náà, mi ò bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe láti òkè. Mo kọ́kọ́ wá gbogbo "ma", "maa", "ko" àti iye, mo sì tẹ́tí sí ibi kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti lè ṣèèyàn léṣe. Lẹ́yìn náà ni mo wá gbọ́ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Nọ́ńbà 47 wá di báyìí:

```
47
00:06:12,400 --> 00:06:16,100
Ẹ má lo oògùn yìí
bí ẹ kò bá tíì jẹun.
```

Mo pín in sí ìlà méjì, mo sì fi díẹ̀ kún àkókò rẹ̀, kí ojú lè kà á tán.

Ó ku ìdẹkùn méjì. Bí ẹ bá ń fi fáìlì pa mọ́, ẹ yan `UTF-8`, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́tà "ẹ" lè di àmì ìbéèrè. Èkejì ni pé ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà bíi "ọ̀" ju ẹyọ kan lọ. Ojú wa kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n `Ctrl+F` lè má kà wọ́n sí ọ̀kan. Kíbọọ̀dù kan ṣoṣo ni kí ẹ fi tẹ fáìlì látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Láti mọ̀ bóyá ó dára, ẹ wá ọ̀rọ̀ tó dá yín lójú pé ó wà níbẹ̀. Bí kò bá jáde, ibẹ̀ ni ìṣòro wà.

Àtúnṣe ìṣẹ́jú 18 yẹn gbà mí ní nǹkan bíi wákàtí méjì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá kan bi nọ́ọ̀sì bóyá òun lè lo oògùn náà láàárọ̀ kí òun tó mu ẹ̀kọ. Nọ́ọ̀sì ṣí fáìlì, ó wá "jẹun", ó rí 00:06:12, ó sì jẹ́ kí ìyá náà fi ojú ara rẹ̀ kà á pé: ẹ má lò ó.