Gó: Bí A Ti Í Ka Èémí Òkúta

Ẹni tí ó bá ń ta ayò mọ̀ pé bí ọmọ ayò bá di méjì tàbí mẹ́ta nínú ihò ẹnìkejì ni a ń jẹ ẹ́. Eré kan wà tí àwọn ará Ṣáínà ti ń ta fún ohun tí ó ju 2,000 ọdún lọ. Gó ni a ń pè é. Nínú tirẹ̀, èyí tí a bá ká mọ́ pátápátá ni a ń jẹ.

Ẹ fa ìlà 9 ní ìbú àti 9 ní òró sórí ilẹ̀. Kí ẹnìkan mú èkùrọ́ fún òkúta dúdú, kí ẹnìkejì mú àgbàdo funfun. Dúdú ni yóò kọ́kọ́ ta. Orí ibi tí ìlà méjì ti pàdé ni a ń gbé òkúta sí, kì í ṣe àlàfo àárín ìlà. Èyí tí a bá ti gbé kalẹ̀ kì í ṣípò mọ́, àfi bí a bá jẹ ẹ́.

Ojú òfìfo tí ìlà bá so mọ́ òkúta ní tààrà ni èémí rẹ̀. Òkúta kan láàárín ní èémí 4; ní etí ó ní 3; ní igun ó ní 2. Ìlà kì í gba ìkọ̀rọ̀ kọjá, nítorí náà ojú tí ó wà ní ìkọ̀rọ̀ kì í ṣe èémí.

Àwọn òkúta aláwọ̀ kan náà tí ìlà so pọ̀ ń mí pọ̀ ni, wọ́n sì ń kú pọ̀. Bí méjì bá tò síra láàárín, èémí 6 ni wọ́n ní. Bí mẹ́ta bá tò gbọọrọ, 8 ni. Ṣùgbọ́n bí mẹ́ta náà bá ṣẹ́ kọ́rọ́ bí ìgbọ̀nwọ́, 7 ni. Kí ni ó fà á? Òfìfo tí ó wà nínú ìgbọ̀nwọ́ náà kan òkúta méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa fi ìka tọ́ ojú òfìfo bí ẹ ti ń kà. Ẹ má tọ́ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

Wàyí o, ẹ gbé àgbàdo kan sí ìlà kejì láti etí ọ̀tún. Ẹ fi èkùrọ́ sí òkè rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti òsì rẹ̀. Èémí 1 péré ni ó kù fún un, ní apá etí. Bí funfun bá sá lọ síbẹ̀, òkúta méjèèjì á ní èémí 2, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, lórí ìlà etí. Dúdú á dí ti ìsàlẹ̀. Funfun á tún sá gòkè, ṣùgbọ́n èkùrọ́ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí náà èémí 1 náà ni yóò tún ní. Dúdú á dí i, á sì kó àgbàdo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò. Bí ó bá jẹ́ pé àárín ni funfun ti sá, èémí 3 ni ìbá rí. Nítorí náà, kí ẹ tó sá, ẹ kọ́kọ́ ka èémí tí ẹ ó ní lẹ́yìn tí ẹ bá sá tán.

Ó ku ẹyọ kan. A kì í gbé òkúta sí ibi tí kò ti ní èémí kankan, àfi bí gbígbé e síbẹ̀ bá dí èémí ìkẹyìn ti ẹnìkejì. Nígbà náà, tirẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ kó, ojú tí ó ṣófo yóò sì di èémí tiwa.