Apọ́nbéporẹ́ àti Adúmáadán Nínú Àwòrán Kan

Ilé tí kò ní àwòrán ẹbí lára ògiri kò wọ́pọ̀ ní ìlú wa. Bí ẹ bá wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ dáradára, ẹ ó rí i nígbà púpọ̀ pé apọ́nbéporẹ́ inú rẹ̀ hàn kedere, ṣùgbọ́n bàbá tí ó jẹ́ adúmáadán ti di agbádá àti fìlà lásán. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà ni yóò wá máa béèrè pé, “Ta ni èyí?” Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ bí onífótò ti lè mú ojú méjèèjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ni kámẹ́rà nlò fún gbogbo ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì mọ ènìà dúdú yàtọ̀ sí ènìà pupa. Ohunkóhun tí a bá nà án sí, nṣe ni ó nwọ̀n ọ́n bí ẹni pé àwọ̀ eérú ni, èyí tí kò funfun tí kò sì dúdú. Bí a bá fi wọn ojú adúmáadán, yóò ní kí a fi ìmọ́lẹ̀ kún un títí ojú náà yóò fi rí bí eérú. Bí a bá fi wọn ojú apọ́nbéporẹ́, yóò ní kí a dín ìmọ́lẹ̀ kù títí ojú yóò fi ṣú.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ká sọ pé ìyàwó pupa àti bàbá rẹ̀ tí ó dúdú dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. A gbé kámẹ́rà sí ISO 400 àti f/8, a sì fi wọn ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún ìyàwó, ó ní kí a ṣí i fún 1/500 ìṣẹ́jú àáyá; fún bàbá, ó ní 1/60. Ìyàtọ̀ náà tó ìlọ́po 8, ó sì lè ba ènìà lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé eérú ni kámẹ́rà nwá. Ó yẹ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó mọ́ ju eérú lọ, nítorí náà 1/250 ni ó tọ́ sí i. Ó yẹ kí ti bàbá dúdú ju eérú lọ, nítorí náà 1/125 ni ó tọ́ sí i. Ìlọ́po 2 péré ni ó kù láàrin wọn.

Ti ìyàwó ni kí a gbà, kí a fi kámẹ́rà sí 1/250. Ìdí rẹ̀ ni pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ jù di funfun báláú, kò sì sí ohun tí a lè rí fà yọ níbẹ̀ mọ́. Ibi tí ó ṣókùnkùn ṣì ṣeé tàn díẹ̀ lórí kọ̀mpútà, ṣùgbọ́n bí a bá tàn án jù, yóò rí ṣákiṣàki bí iyanrìn.

Nígbà náà ni kí a wá ìmọ́lẹ̀ fún bàbá. Kí ó súnmọ́ etí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ojú ọ̀run ti nwọlé, kí ìyàwó sì sún sínú díẹ̀. Kí a tún wọn ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀: bí 1/60 bá ti di 1/125, ó tó. Bí ipò àgbà bá ní kí bàbá jókòó láàrin, a lè gbé pákó tí a kùn ní funfun tàbí aṣọ funfun tí a nà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí kò ní hàn nínú àwòrán, kí ó ta ìmọ́lẹ̀ padà sí i. Bí ó bá jẹ́ iná kékeré kan ni a fi nya àwòrán nínú ilé, kí bàbá wà ní mítà 2 sí iná náà, kí ìyàwó wà ní mítà 2.8, ìmọ́lẹ̀ tí ó bá bàbá yóò fẹ́rẹ̀ tó ìlọ́po 2 ti ìyàwó. Nínú oòrùn gangan, irú ìsúnmọ́ yìí kò wúlò, nítorí oòrùn jìnnà sí gbogbo wa bákan náà.

Orúkọ tí àwọn baba wa fún àwọ̀ yìí kọ́ wa ní ohun kan: adúmáadán ndán. Dídán yìí ni ó nfi egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti imú hàn. Ìmọ́lẹ̀ fífẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, bí ti ojú fèrèsé, ni ó nmú un jáde. Iná kékeré tí a tàn láti iwájú gan-an kò ju kí ó fi àmì funfun kan sí iwájú orí.

Lẹ́yìn tí a bá ya àkọ́kọ́, kí a wo ojú kámẹ́rà. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó bá nṣẹ́jú níbi tí kámẹ́rà ti nfi ìmọ́lẹ̀ àpọ̀jù hàn, kí a dín in kù sí 1/320. Kí a wá wo bàbá: ǹjẹ́ a rí ààlà láàrin fìlà àti iwájú orí rẹ̀, àti láàrin àgbọ̀n àti ọrùn? Bí a kò bá rí i, kámẹ́rà kọ́ ni kí a fọwọ́ kàn; ìmọ́lẹ̀ ni kí a tún fi kún bàbá. Bí ó bá sì pupa ju bí a ti mọ̀ ọ́n lọ, a ti ṣe é jù. Kí ó dúdú bí Ọlọ́run ti dá a, kí a sì mọ̀ pé òun ni.