Iyẹ̀pẹ̀ Tí Omi Kì Í Dúró Sí

Ọ̀dúndún, àbámọdá, àlóò, oró àti kákítọ́ọ̀sì, ewéko tó ń tọ́jú omi sínú ara ni gbogbo wọn. Ewé tàbí igi wọn ni àmù wọn. Ìdí nìyí tí òùngbẹ kì í fi í sábà pa wọ́n nínú ìkòkò. Omi ló ń pa wọ́n. Gbòǹgbò ń mí, àlàfo tó wà láàárín hóró iyẹ̀pẹ̀ ló sì ti ń rí afẹ́fẹ́. Bí omi bá gba àlàfo náà tí kò sì tètè kúrò, gbòǹgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni kákítọ́ọ̀sì ti ṣẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń hù láàárín òkúta, níbi tí òjò ti ń rọ̀ tí omi ń ṣàn kọjá lọ. Èyí tí a gbé sí iwájú ilé n'Ìbàdàn ní oṣù kẹfà, tí òjò ń lù lójoojúmọ́, kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ àfi bí a bá fún un.

Àwọn èèyàn á ní kí a da yanrìn mọ́ ilẹ̀, ó tán. Kò tán o. Irú yanrìn wo ni? Èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń rẹ́ ògiri kúnná jù: hóró rẹ̀ á wọ inú àlàfo tó wà nínú ilẹ̀, á dí i, ilẹ̀ náà á wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Yanrìn etí òkun ní iyọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Yanrìn odò tó rí ṣákaṣàka lọ́wọ́, tí wọ́n fi ń po kọnkéré, ni kí ẹ wá. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́, ẹ da omi sí i, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀. Yanrìn á rọlẹ̀ kíákíá. Bí omi náà bá ṣì rí bí ẹrẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, tí ẹrẹ̀ múlọ́múlọ́ sì tẹ́ sórí yanrìn, yanrìn yẹn ń fẹ́ fífọ̀.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àlòkù ni mo fẹ́ràn láti fi fọ̀ ọ́. Ẹ da yanrìn sí i, ẹ máa da omi lé e, kí ẹ sì máa gbọ̀n ọ́n. Ohun tó bá jò gba ojú nẹ́ẹ̀tì kọjá ti kéré jù, ẹ dà á nù. Èyí tó kù ni tiwa. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe fún òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Èyí tó tó ẹ̀wà, tàbí tó kéré sí i díẹ̀, ló dára. Eruku rẹ̀ ni ọ̀tá.

Ẹ jẹ́ kí a wá po ti àlóò kan. Ẹ wọn iléédú tí ẹ ti fi asẹ́ jọ̀, kọ́ńgò 1. Yanrìn fífọ̀, kọ́ńgò 1. Òkúta wẹ́wẹ́, kọ́ńgò 1. Bí òjò bá máa ń kan ìkòkò náà, tàbí tó bá jẹ́ kákítọ́ọ̀sì, ẹ sọ òkúta di kọ́ńgò 2. Ẹ pò ó pọ̀, kí ẹ sì tún un wọ̀n. Kò ní pé iye tí ẹ dà sílẹ̀, torí ohun kéékèèké ti wọ àárín ńláńlá. Bí ó bá dínkù díẹ̀, kò burú. Bí ó bá dínkù gan-an, yanrìn yín ṣì kúnná jù. Ẹ wá fi omi rin ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un, kí ẹ ṣí ọwọ́: ó yẹ kó tú ká fúnra rẹ̀. Bí ó bá dì bí èbà, ẹ fi òkúta kún un.

Ìkòkò amọ̀ tó ní ihò nísàlẹ̀ ló dára jù, torí omi ń gba ara rẹ̀ jáde. Ẹ má ṣe tẹ́ òkúta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé kí omi lè ráyè jáde. Omi kì í fi ilẹ̀ kíkúnná sílẹ̀ bọ́ sí àárín òkúta àyàfi tí ilẹ̀ náà bá kún dẹ́nu. Ńṣe ni ẹrẹ̀ á kàn sún mọ́ gbòǹgbò sí i. Àpòpọ̀ kan náà ni kó wà látòkè délẹ̀.

Ewé tó hunjọ nígbà tí ilẹ̀ gbẹ ń fẹ́ omi. Ewé tó rọ̀, tó ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nígbà tí ilẹ̀ tutù, gbòǹgbò rẹ̀ ti ń rà. Ẹ fa ewéko náà tu, ẹ gé gbogbo ibi tó dúdú kúrò títí ẹ ó fi kan ara tó mọ́, kí ẹ sì fi í sí ibòji fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ojú ọgbẹ́ gbẹ, kí ẹ tó tún un gbìn.

Àpòpọ̀ yìí kì í wà títí láé. Iléédú á máa jẹrà, á máa di lẹ́búlẹ́bú, á sì máa dí àlàfo tí a fi òkúta là. Nígbà tí omi bá ń dúró lójú ìkòkò kó tó wọlẹ̀, ẹ dà á jáde. Yanrìn àti òkúta ṣeé fọ̀ lò padà. Iléédú nìkan ni kí ẹ pààrọ̀.