Ìdí tí ṣáàtì bítíkọ́ìnì fi máa ń tan èèyàn jẹ lópin ọ̀sẹ̀

Ní ìdájí Sannde, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin, ọdún 2021, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń sùn, iye bítíkọ́ìnì já wálẹ̀ láti nǹkan bíi 60,000 dọ́là sí nǹkan bíi 52,000. Kí ọjọ́ náà tó parí, ó ti gòkè padà kọjá 55,000. Láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, ọjà tí wọ́n fipá tà mọ́ àwọn oníṣòwò lọ́wọ́ káàkiri àgbáyé ju bílíọ̀nù 9 dọ́là lọ. Ẹni tó bá ń wo ṣáàtì nìkan lè rò pé àfọ̀ṣẹ ni, ṣùgbọ́n ohun tó fà á ti wà nílẹ̀ kí Sannde tó dé.

Àkọ́kọ́ ni ohun tí wọ́n máa ń kọ sójú fóònù pé Funding Rate. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kì í ra bítíkọ́ìnì gan-an, àdéhùn tí kò ní ọjọ́ ìparí ni wọ́n ń rà lórí iye rẹ̀. Kí iye àdéhùn yìí má baà jìnnà sí iye bítíkọ́ìnì fúnra rẹ̀, àwọn oníṣòwò máa ń san owó fún ara wọn, wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ sì ni lọ́pọ̀ ilé-iṣẹ́. Bí àwọn tó gbà pé yóò gbówó lórí bá pọ̀ jù, àwọn ni yóò máa sanwó fún àwọn tó gbà pé yóò wálẹ̀. Bí àmì ìyọkúrò bá wà níwájú nọ́ńbà náà, òdìkejì ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀dọ́ kan ní Omífunfun fi 100 dọ́là di àdéhùn 1,000 dọ́là mú pé bítíkọ́ìnì máa wọ́n. Bí Funding Rate bá jẹ́ 0.01%, sẹ́ǹtì mẹ́wàá ni yóò máa san lẹ́ẹ̀kan. Tó bá di 0.1%, bó ṣe máa ń rí nígbà tí ojú ọjà bá gbóná, ó di dọ́là kan, ìyẹn dọ́là mẹ́ta lójúmọ́ nínú ọgọ́rùn-ún tirẹ̀. Bí ọjà bá wá wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ilé-iṣẹ́ náà yóò ta àdéhùn rẹ̀, owó rẹ̀ á sì lọ. Ìjábọ́ ti Sannde ọjọ́ náà tó ìdá mẹ́tàlá. Bí wọ́n ṣe ń ta ti ẹni kan ni iye ń wálẹ̀ sí i, tí yóò tún fi kan ẹni tó tẹ̀ lé e. Igi gbígbẹ ni Funding Rate tó ga, ṣùgbọ́n kì í sọ ọjọ́ tí iná máa ràn án.

Ìkejì ni bítíkọ́ìnì tó ń wọ ilé-iṣẹ́ pàṣípààrọ̀ àti èyí tó ń jáde. Ẹni tó bá gbé tirẹ̀ wọlé lè fẹ́ tà á, ẹni tó sì kó tirẹ̀ jáde lè fẹ́ fi pamọ́. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹrù tó bá rìn ló ń lọ sọ́jà. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kọkànlá, ọdún 2022, bítíkọ́ìnì 127,351 kúrò nínú àpò Báínáǹsì, àyà àwọn èèyàn sì já. Ilé-iṣẹ́ náà ṣàlàyé pé àpò òun kan ni òun kó o sí láti inú òmíràn, nítorí àyẹ̀wò owó tó wà lọ́wọ́ òun.

Ìkẹta ni òpin ọ̀sẹ̀. Bí ẹni mẹ́wàá bá ń ra kòkó lágbègbè kan, ogún àpò kò lè ba iye rẹ̀ jẹ́. Bó bá wá ku ẹni méjì, ogún àpò kan náà yóò já a wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ kòkó kò yí padà. Báǹkì máa ń tì lọ́jọ́ Sátidé àti Sannde, owó tuntun kì í tètè wọlé, àwọn ońṣòwò ńlá sì máa ń dín iye tí wọ́n fẹ́ rà kù. Owó kékeré ni yóò wá máa fa ìlà gígùn lórí ṣáàtì.

Ìdí nìyí tí ìgòkè tàbí ìjábọ́ òpin ọ̀sẹ̀ kò fi tó ẹ̀rí. Ẹni tó tà ní 52,000 pàdánù ìgòkè tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó tún rò pé gbogbo ewu ti kọjá nígbà tó gòkè náà kò jàre, torí pé ní Fúráìdè tó tẹ̀ lé e, bítíkọ́ìnì wálẹ̀ kọjá 50,000. Ohun tó dáa ni láti wo Funding Rate ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè. Bó bá ga, kí èèyàn dín àdéhùn tó dì mú kù. Bí ìlà kan bá já lọ́jọ́ Sannde, kó dúró di Mọ́ńdè kó tó gbà á gbọ́.