Bí Ìwé Ìfọwọ́ Ṣe Di Ti Ará Abúlé

Ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní abúlé kan ní ìhà Òkè-Ògùn, ìwé àlẹ̀mógiri kan wà lára ògiri fún ìgbà pípẹ́, tí a yà ní ìlú òkèèrè, tí a kàn tú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí Yorùbá, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í wò lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí Ọjọ́ Ìfọwọ́ Àgbáyé, tí a ti ń ṣe ní 15 Oṣù Kẹwàá láti ọdún 2008, kù sí dẹ̀dẹ̀, ni nọ́ọ̀sì tó ń ṣàkóso ibẹ̀ ránṣẹ́ sí èmi àti ayàwòrán kan pé kí a wá bá òun tún un ṣe. Mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ó gbà wá.

Kí a tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, a gbé ìwé àtijọ́ náà síwájú àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, a kò ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sí wọn létí, a kàn bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí ni. Àgbẹ̀ kan ní ọfà ni òun rí, nítorí àmì tí a fi tọ́ka láti àwòrán kan sí èkejì ṣe ṣónṣó lẹ́nu bí ọfà ọdẹ. Ní ti kòkòrò àrùn, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, tó la ẹnu, tó yọ eyín, tó sì tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, obìnrin kan fi ọkàn balẹ̀ dáhùn pé irú ẹran bẹ́ẹ̀ kò sí ní àdúgbò àwọn. Òtítọ́ ló sọ, nítorí ẹni tí kò fi ojú kan ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá rí, níbo ni yóò ti mọ̀ pé ohun tí ojú kò lè rí ni a yà tóbi tó bẹ́ẹ̀? A yọ ọfà, a yọ kòkòrò, a sì fi ọwọ́ kan ṣoṣo dípò wọn: ọwọ́ ìyá tó ń nu ìdí ọmọ tó ń ṣu gbuuru, àti ọwọ́ yẹn kan náà, pẹ̀lú ẹ̀gbà pupa kan náà lọ́rùn ọwọ́, tó ń fún ọmọ náà ní ẹ̀kọ. Ẹ̀gbà yẹn ló ṣe gbogbo àlàyé.

Ọ̀rọ̀ ló wá le jù. Àkọlé àtijọ́ ní "Ọwọ́ mímọ́ ń gba ẹ̀mí là," bẹ́ẹ̀ ni ní etí ọmọ Yorùbá, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ni ẹni tí kò jalè, mímọ́ ti di ti Ẹ̀mí Mímọ́, ìgbàlà sì ti di ti ọkàn, tó fi jẹ́ pé àwọn kan kà á sí ìwé ìsọjí ṣọ́ọ̀ṣì. Atẹ̀wé kò sì fi àmì sí èyí tó wà nísàlẹ̀, "Fo owo re" ló tẹ̀, ọmọ iléèwé kan sì kà á sí owó tí à ń ná. Èmi náà wá kọ "Ẹ ṣan ọwọ́ yín," ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì dá mi dúró: "Bàbá, ṣebí wọ́n ti ń ṣanwọ́ tẹ́lẹ̀? Omi lásán ni wọ́n fi ń ṣan án." Ó rí òdodo. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó ti oúnjẹ láì ṣanwọ́ nílẹ̀ wa; ọṣẹ ni kò sí níbẹ̀.

Ó tún ku bí a ó ṣe sọ ọ́ tí kò ní kan àgbà lójú. Bí a tilẹ̀ fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún baálé ilé, ẹni tí a bá pàṣẹ fún pé kó lọ fọ ọwọ́, a ti sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí. Ìyá àgbà kan tó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ló yọ wá. Ó ní ṣé a ti gbàgbé pé ọmọ tó mọ ọwọ́ọ́ wẹ̀ ní í bá àgbà jẹun ni. A gba òwe náà lẹ́nu rẹ̀, a sì fi ọṣẹ tí kò sí nínú rẹ̀ kún un: "Ọmọ tó mọ ọwọ́ọ́ wẹ̀ a bá àgbà jẹun, ìyá tó fọṣẹ wẹwọ́, ọmọ rẹ̀ a dàgbà." Bàbá kan ní ṣé ìyá nìkan ló ń bọ́ ọmọ ni, a sọ ìyá di òbí.

Níkẹyìn, a yọ ẹ̀rọ omi, nítorí kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní abúlé náà. Ayàwòrán kọ́kọ́ fi bàsíà rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ mẹ́ta nínú omi kan náà, bí a ti í ṣe nílé; nọ́ọ̀sì kọ̀ ọ́, nítorí ìdọ̀tí ọwọ́ àkọ́kọ́ ni ẹni ìkẹta yóò bu. Bútà ìbá dára, ṣùgbọ́n a bẹ̀rù kí àwọn onígbàgbọ́ má baà rò pé àlùwàlá ni. Ife ike ni a gbà, tí ọmọbìnrin kan fi ń da omi sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀tún ló sì fi di ife mú. Fún ìṣẹ́jú-àáyá 20 tí ọwọ́ fi gbọ́dọ̀ wà nínú ìfófòó ọṣẹ, a ní kí wọ́n rọra ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ogún.

Ìwé náà kò sí ní yàrá nọ́ọ̀sì mọ́. Ó wà níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù omi, ní ìwọ̀n ojú obìnrin tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀, ọṣẹ kan sì wà nínú àwo lábẹ́ rẹ̀.